Èsì Dín Kù Lẹ́yìn Tí Mo Yí Ọ̀nà Ìkéde Padà: Ṣé Wọn Ò Gbọ́ Tèmi Mọ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ agboolé wa ní Èjìgbò. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí: àwọn èèyàn wa tó wà ní Abíjàn pọ̀ gan-an. Àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Ìbàdàn. Orí Wáàsáàpù la ti ń pàdé, a sì lé ní igba nínú gúrúùpù náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Màá kí wọn, màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, màá sọ ọjọ́ ìpàdé àti owó tí a fẹ́ dá. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń ráhùn pé ohùn náà gùn jù, pé ó ń tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, pé kí n jẹ́ kí wọ́n máa ṣe fíláyà. Mo gbà fún wọn. Ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi ṣe é báyìí, ó mọ́ra, ó sì lẹ́wà.

Àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí. Ohùn tí mo gbé síbẹ̀ kẹ́yìn gba èsì 38. Fíláyà àkọ́kọ́ gba 7, àwọn tó tẹ̀ lé e ò sì yàtọ̀. Mo ti kọ èsì méjèèjì jọ, pẹ̀lú ibi tí oníkálukú wà àti irú ẹni tó jẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú fíláyà náà. Ṣé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni? Ṣé wọn ò gbọ́ tèmi mọ́? Ó sì yà mí lẹ́nu pé fóònù mi ò sinmi láti ìgbà yẹn. Àwọn ìyá ń pè mí láti Abíjàn pé ọjọ́ wo ni ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà wà lórí fíláyà gbangba.

Akọ̀wé, Èjìgbò

ÌDÁHÙN

Ó dára tí ẹ kọ èsì náà jọ kí ẹ tó béèrè, nítorí inú àkójọ yẹn ni ìdáhùn wà.

Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín nìyí: ẹ yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀ padà, èsì já wálẹ̀ láti 38 sí 7, ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń gbọ́ yín ló lọ tàbí inú wọn ni kò dùn. Ìdáhùn mi tààrà ni pé kò sí ohun kan nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ tó fi hàn pé wọ́n ń bínú, kò sì jọ pé àwọn olùgbọ́ yín ti lọ. Ohun tí èsì tó dín kù ń sọ ni irú èèyàn tó máa ń dá yín lóhùn, àti ohun tó máa ń mú wọn dáhùn. Iye èèyàn tó ń gbọ́ yín yàtọ̀ sí ìyẹn, ibòmíràn la sì ti ń wò ó.

Ní ti ìbínú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí inú ń bí kì í fowó ara rẹ̀ pè yín láti Abíjàn kó wá béèrè ọjọ́ ìpàdé. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn ń jáde, iye ọmọ gúrúùpù wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ti dín. Bí kò bá dín, ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn tì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àkójọ yín. Mo pín èsì 38 ti ọjọ́ ohùn sí ọ̀nà mẹ́ta. Mẹ́tàlá nínú wọn jẹ́ ìkíni: ẹ kú iṣẹ́, ẹ káalẹ́ o, ẹ bá wa kí ará ilé. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ Àmín, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn àdúrà tí ìyá àgbà kan fi kí yín. Mẹ́sàn-án tó kù nìkan ló dá lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ: ẹnìkan béèrè iye owó, ẹnìkan ní òun máa fi tòun ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn méjì béèrè ta ni kí àwọn fi owó náà lé lọ́wọ́, àwọn tó kù sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pín 7 ti ọjọ́ fíláyà bákan náà. Ìkíni kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò sí Àmín rárá. Mẹ́fà dá lórí ọ̀rọ̀.

Ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Èsì 31 ló lọ. Nínú rẹ̀, 12 jẹ́ ìkíni, 16 jẹ́ Àmín, mẹ́ta péré sì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ gan-an. Ohun tó dà bí ẹni pé gbogbo ilé dákẹ́ jẹ́ èèyàn mẹ́ta ní ti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Mo fẹ́ ká gbé àwọn mẹ́ta yẹn dání, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ Àmín àti ìkíni, kí ó má baà máa bà yín lọ́kàn jẹ́.

Àmín 16 yẹn kì í ṣe ìpinnu èèyàn mẹ́rìndínlógún. Ìpinnu ìyá kan ni. Ìyá gbàdúrà, kò sì sí ọmọlúàbí tó máa gbọ́ àdúrà àgbà tí kò ní ṣe Àmín. Lọ́jọ́ fíláyà, ìyá kò sọ nǹkan, àwọn mẹ́rìndínlógún kò wá ní ohun tí wọ́n máa ṣe Àmín sí. Nígbà tí èsì bá ń tẹ̀lé ara wọn báyìí, ẹnìkan ṣoṣo tó bá dákẹ́ lè mú ìdajì èsì lọ. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa ń dáhùn ṣáájú, kí n tó béèrè iye tó dáhùn. Ẹ lè yẹ èyí wò fúnra yín. Ẹ padà lọ wo àwọn ohùn tí ẹ gbé síbẹ̀ ní oṣù tó kọjá, kí ẹ wá ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá yẹn kò gbàdúrà. Bí èsì ọ̀sẹ̀ yẹn náà bá kéré, ẹ ó rí i pé kì í ṣe fíláyà ló lé Àmín lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkíni sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà nídìí tirẹ̀. Nínú ohùn yín, ẹ kí wọn: ẹ kí àwọn bàbá, ẹ kí àwọn ìyá, ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun. Láàárín wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn ti ṣe ohun tí kò dára. Nítorí náà àwọn 13 yẹn jẹ yín ní gbèsè ìkíni, wọ́n sì san án. Fíláyà kò kí ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lókè, ọjọ́ wà láàárín, owó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó rí i kò rí ẹni tó kí òun, kò sì ronú pé òun jẹ ẹnikẹ́ni ní èsì. Kò kọ̀ yín sílẹ̀. Ó kàn rí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó kà á, ó sì kọjá.

Ohun tí mo ń sọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Láti 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí Isaac B. Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀ gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìrísí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ sí olóòtú. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà padà. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ìròyìn pọ̀ nínú ìwé ìròyìn nígbà yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà lé lórí, kì í ṣe pé wọn kò kà á. Ìròyìn kò bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ohùn yín àti fíláyà yín ṣe yàtọ̀ síra gan-an nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta. Nínú àkójọ yín, àwọn mẹ́sàn-án tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ohùn pín báyìí: márùn-ún wà ní Nàìjíríà, mẹ́rin wà ní Abíjàn. Lọ́jọ́ fíláyà, àwọn márùn-ún ti Nàìjíríà pé, kò sí èyí tó yẹ̀. Ọ̀kan péré ló kù nínú àwọn ti Abíjàn, ọmọkùnrin kan tó parí ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ nílé kó tó rìnrìn àjò ni. Àwọn mẹ́ta tí a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́ jẹ́ ìyá oníṣòwò ní Abíjàn. Èyí kò jọ ohun tó ṣàdéédéé ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti sú àwọn èèyàn ni, a ó rí i kó mú díẹ̀ níbí, kó mú díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìhà kan ṣoṣo ló mú.

Ibẹ̀ ni gbólóhùn tí ẹ sọ bí ẹni ń kọjá lọ nínú lẹ́tà yín ti wúlò jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ní àwọn ìyá ń pè yín láti Abíjàn, wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìpàdé. Èsì tó kúrò nínú gúrúùpù wá sórí ìpè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yín kò kàn mọ́ máa dákẹ́ níbi gbogbo. Kò ní dákẹ́ nínú gúrúùpù kó wá máa náwó pè yín. Ẹni tó ń pè ṣì fẹ́ mọ̀. Ó mọ̀ pé ìkéde kan wà, ó tiẹ̀ mọ̀ pé ti ìpàdé ni, kò kàn rí ọjọ́ náà kà níbẹ̀.

Mo wá ṣí fíláyà yín wò dáadáa. Orúkọ ẹgbẹ́ àti oríkì agboolé wà níbẹ̀ ní Yorùbá, lẹ́tà ńlá. Ọjọ́, àkókò àti ibi ìpàdé wà ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Owó wà ní náírà nìkan. Bẹ́ẹ̀ nínú ohùn yín, ẹ máa ń pe ọjọ́ ní Yorùbá, ẹ sì máa ń ka owó ní náírà kí ẹ tó sọ iye tó jẹ́ ní sẹ́fà. Ẹ̀yin ará Èjìgbò mọ ìyẹn ju èmi lọ, nítorí sẹ́fà kì í ṣe àlejò lọ́jà yín. Gbogbo ohun tí ẹni tó wà ní Abíjàn nílò láti lè dáhùn ló bọ́ sí apá tí kò lè kà.

Ẹ ronú nípa ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí tàbí tí wọ́n tọ́ ní Abíjàn lọ sí ilé ìwé Faransé. Wọ́n ń sọ Yorùbá nílé, wọ́n ń fi Faransé àti Júlà ná ọjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wọn láti ka Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì kò sì sí nínú òwò wọn. Àwọn ìyá tó lọ láti ilé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdébìnrin, àwọn mìíràn nínú wọn kò jókòó nílé ìwé pẹ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ pé ilé kéú ni wọ́n ti mọ̀wé, ìwé Lárúbáwá ni wọ́n ń kà. Gbogbo wọn ló gbọ́ Yorùbá Èjìgbò yékéyéké. Ohùn yín ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn láìyọ ẹnìkan sílẹ̀. Ẹ tún wo àkójọ yín: àwọn ìyá mẹ́ta yẹn, ohùn ni gbogbo wọn fi dáhùn nígbà náà. Ẹni tó bá ń fi ohùn dáhùn ti sọ fún yín bí òun ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ní kí n má tètè dá ẹjọ́, pé nǹkan mìíràn lè wà nídìí rẹ̀. Òótọ́ ni. Méjì ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni owó dátà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, débi ìdá 50 nínú 100, èyí sì lè mú kí àwọn èèyàn dín bí wọ́n ṣe ń lo dátà kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé dátà ló fà á, àwọn tó wà nílé ni ìbá dákẹ́. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ti Nàìjíríà pé, àwọn ti Abíjàn ni wọ́n dákẹ́.

Èkejì ni ohun tí ẹ sọ, yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe sọ ọ́. Èyí máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ìkéde ikú, ìkómọ tàbí ọdún Ògìyán máa ń kó èsì jọ, bí ẹ fi ohùn sọ ọ́, bí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkéde owó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì ní owó lọ́wọ́ máa ń rọra fi ojú fò ó. Bí ohùn tí ẹ fi ń ṣe òṣùwọ̀n bá jẹ́ ti ìkómọ, tí fíláyà sì jẹ́ ti owó, ẹ ń fi ohun méjì tí kò jọra wéra. Mo wo tiyín: ìpàdé àti owó ni méjèèjì, nítorí náà ẹ lè fi wọ́n wéra.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ẹ ṣe lè mọ iye tó ń rí yín, ìyẹn ohun tí èsì kò lè sọ. Ẹ fọwọ́ tẹ ìkéde yín mọ́lẹ̀ lórí Wáàsáàpù títí yóò fi yàn, kí ẹ wá wá Info. Lórí fóònù mìíràn, ó wà lábẹ́ ojúàmì mẹ́ta tó wà lókè. Ẹ̀yin tí ẹ fi ìkéde ránṣẹ́ nìkan ni ó ń ṣí fún. Ẹ ó rí orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ Delivered to, ìyẹn àwọn tó ti dé orí fóònù wọn, àti àwọn tó wà lábẹ́ Read by, ìyẹn àwọn tó ti ṣí gúrúùpù náà. Bí ó bá jẹ́ ohùn, ẹ ó tún rí Played by, àwọn tó ti tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Nínú gúrúùpù, ẹni tó pa àmì ìkàwé lórí fóònù rẹ̀ kò lè fi èyí pamọ́ fún yín.

Ẹ máa ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń kà á, nítorí àwọn orúkọ yẹn ń ṣèlérí ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ. Read by kò sọ pé wọ́n ka nǹkan. Ó sọ pé wọ́n ṣí gúrúùpù. Tí fóònù ẹni náà kò bá ń gba àwòrán wọlé fúnra rẹ̀, fíláyà máa wà ní ṣíṣú níwájú rẹ̀ títí yóò fi tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì ti wà lábẹ́ Read by kó tó rí ohunkóhun. Played by náà kò sọ pé wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Ẹ má sì fi Played by ti ohùn wé Read by ti fíláyà. Gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ Read by tàbí Played by ti ohùn, láìka ẹnìkan lẹ́ẹ̀méjì, ni kí ẹ fi wé Read by ti fíláyà. Bí iye méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn, àwọn olùgbọ́ yín kò lọ síbì kan. Bí ti fíláyà bá kéré gan-an, nígbà náà ni a ó tó sọ pé àwọn kan kò ṣí gúrúùpù mọ́, a ó sì wá ìdí rẹ̀.

Ẹ tún wo ohun kan níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní kí ẹ ṣe fíláyà, ṣé wọ́n wà nínú àwọn 7? Nínú àkójọ yín, mo rí àwọn méjì, àwọn méjèèjì sì ti ń dáhùn láti ìgbà ohùn. Àwọn yòókù tó ráhùn kò dáhùn ohùn, wọn kò dáhùn fíláyà. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀sùn wọn kò tọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀nà padà nítorí àwọn tí kì í dáhùn, àwọn tó sì máa ń dáhùn lẹ gbọ́wọ́ lé nígbà tí ẹ ń ka èsì. Àwọn ọ̀dọ́ náà lè ti rí ohun tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n fi fíláyà pamọ́ sórí fóònù, kí wọ́n sì wá sí ìpàdé láìsọ̀rọ̀. Ìwé àwọn tó wá sí ìpàdé ló máa fi ìyẹn hàn yín, kì í ṣe gúrúùpù.

Kí ẹ lè mọ̀ dájú, mo dábàá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹta, kí ẹ gbé fíláyà nìkan síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin, kí ẹ gbé ohùn nìkan. Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìkéde ẹgbẹ́ lásán, láìsí ikú, láìsí ìkómọ. Bí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ sún ọ̀sẹ̀ yẹn síwájú. Kí ó jẹ́ aago kan náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Èjìgbò jẹ́ aago méje ní Abíjàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́jà bọ̀, nítorí náà ẹ má yí i láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: èsì tó dá lórí ọ̀rọ̀, ibi tí ẹni tó fún un wà, àti iye ìpè tí ẹ gbà nípa ohun tó wà nínú ìkéde. Ìkíni àti Àmín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà fún ayọ̀ yín, ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn.

Bí àwọn ìyá Abíjàn bá padà dáhùn lọ́sẹ̀ ohùn, tí wọ́n sì dákẹ́ lọ́sẹ̀ fíláyà, lẹ́ẹ̀méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti parí: fíláyà ni wọn kò lè kà. Bí wọ́n bá dákẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ti ṣì í mú, nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ẹ ó sì ní láti bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ní ìkọ̀kọ̀. Bí èsì bá ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ láìka irú ìkéde sí, ó jẹ́ pé ìyípadà náà ló kọ́kọ́ ṣàjèjì sí wọn, wọ́n sì ti ń mọ́ ọn lára. Èsì èèyàn mẹ́ta kò pọ̀ tó kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀méjì méjì.

Ní tèmi, mo rò pé ẹ ó padà sí ohùn, kí fíláyà má sì kúrò. Kí ohùn ṣáájú, kó má ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ: kí ẹ kí wọn, kí ẹ pe ọjọ́ ìpàdé ní Yorùbá lẹ́ẹ̀méjì, kí ẹ ka owó ní náírà àti sẹ́fà, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọ́n lè fi ohùn dáhùn. Kí fíláyà tẹ̀ lé e fún ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ pamọ́, kí ẹ sì bá ọmọ àbúrò yín sọ ọ́ kó fi lẹ́tà ńlá kọ ọjọ́ àti owó ní Yorùbá, kí oríkì wá wà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Èsì lè má padà dé 38. Ẹ wo fóònù yín: lọ́sẹ̀ tí àwọn ìyá Abíjàn kò bá pè yín mọ́ láti béèrè ọjọ́ ìpàdé, ọ̀rọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wọn.